Páìlì tí kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan àpáta

Ìtàn tí a ń gbọ́ nípa orúkọ ìlú yìí ni pé òkúta kan wà ní agbègbè Ìdí-Àpẹ tí àwọn èèyàn ìgbà náà fi ń lọ irin. Ìlọ irin ló di Ìlọrin. Ẹni tó bá ń fi ilé alájà púpọ̀ lélẹ̀ níbí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òkúta náà kò tíì parí. Níbì kan, àpáta yọ orí síta bíi ti òkè Sóbí. Ní ibòmíràn, ẹ̀rọ á gbẹ́ ilẹ̀ lọ sí mítà mẹ́rìndínlógún tàbí ogún, amọ̀ àti iyanrìn tó jẹrà lára àpáta ni yóò ṣì máa kó jáde. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí lè wà nínú ilẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Òun ló ń pinnu bóyá ráàfù onípáìlì yóò dín owó kù fún onílé tàbí yóò dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀. Ráàfù ni pẹpẹ kọnkéré kan tó nípọn, tí gbogbo òpó ilé dúró lé lórí, tí òun fúnra rẹ̀ sì tẹ́ lé ilẹ̀ gbalaja. Páìlì ni òpó kọnkéré tí a gbẹ́ ihò fún, tí a ki irin sí, tí a sì da kún inú ilẹ̀. Bí a bá kọ́ ilé lórí páìlì nìkan, ìṣirò wa kò ka ilẹ̀ abẹ́ pẹpẹ sí ohunkóhun: àwọn páìlì ló ru gbogbo ẹrù, ìdáàbòbò tó tó ìlọ́po méjì àbọ̀ sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ti ráàfù onípáìlì, ilẹ̀ abẹ́ pẹpẹ àti àwọn páìlì jọ ru ẹrù náà ni, páìlì díẹ̀ sì wà níbẹ̀ torí kí ilé má rì jù, kì í ṣe torí kí ilé má wó. Àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Burland, Broms àti de Mello ló gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ gbangba nínú ìwé tí wọ́n kà ní Tókíò ní 1977. Ilé Messeturm ní Frankfurt, tó ga ní mítà 256, dúró lórí ráàfù àti páìlì 64. Ó rì tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlá, ìlàjì ẹrù rẹ̀ tàbí díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ló sì wà lórí páìlì, ìyókù wà lórí amọ̀.

Amọ̀ Frankfurt kọ́ ni ilẹ̀ tiwa, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ṣírò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé alájà méje pẹ̀lú òrùlé tó ṣeé rìn lórí, ìbú rẹ̀ mítà 20, gígùn rẹ̀ mítà 20, òpó 25 ní ìlà márùn-ún lọ́nà márùn-ún. Bí a bá ka ẹrù gbogbo àjà àti ti ráàfù tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 70, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 4,500 tọ́ọ̀nù. Pín ìyẹn sórí mítà oníhà-mẹ́rin 400, ó di tọ́ọ̀nù 11 ó lé díẹ̀ lórí mítà oníhà-mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ náà: yangí pupa tó le fún mítà márùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn amọ̀ oníyanrìn tó rọ̀ díẹ̀, tó ń dán wínníwínní bí ẹ bá fọ́ ọ lọ́wọ́, tó sì ń le sí i bí a ti ń lọ sísàlẹ̀. Àpáta kò sí títí a fi kọjá mítà 22 ní gbogbo ihò àyẹ̀wò. Ẹ rántí gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, a óò padà sí i.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti páìlì rárá. Ó ní láti jẹ́: bí kò bá sí páìlì kankan, ǹjẹ́ ilẹ̀ yìí lè ru ilé náà kó má yẹ̀? Bí agbára amọ̀ tó wà lábẹ́ ráàfù bá tó tọ́ọ̀nù mẹ́jọ lórí mítà oníhà-mẹ́rin, bíi ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ ni ilẹ̀ yóò fi tako pẹpẹ kí ó tó yẹ̀. Ìyẹn lé ní 45, ohun tí a sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 11 péré. Ìlọ́po mẹ́rin. Ilé kò ní wó. Àmọ́ ìṣirò rírì sọ nǹkan míì: tí a bá fi líle ilẹ̀ náà ṣe é, ráàfù nìkan yóò rì ní mílímítà 85 bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ kí rírì ráàfù kọjá 50, nítorí pé àárín máa ń rì ju etí lọ, ògiri á sì bẹ̀rẹ̀ sí í là láti igun fèrèsé.

Ibi tí ilé yìí wà gan-an ni ibi tí ráàfù onípáìlì ti ń pa owó mọ́: ilẹ̀ lágbára tó, ṣùgbọ́n ó ń rì jù. Bí ilẹ̀ kò bá lágbára tó, bíi ẹrẹ̀ etí odò Asà tí agbára rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù méjì lórí mítà oníhà-mẹ́rin, ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ 12, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹrù ilé. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tó lè fi ran páìlì lọ́wọ́. Ẹ lo páìlì nìkan níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti da pàǹtírí tàbí yẹ̀pẹ̀ àkókún sí náà ńkọ́? Bákan náà ni, nítorí irú ilẹ̀ yẹn á rì fúnra rẹ̀, á sì fi ráàfù sílẹ̀ lókè.

Wàyí o, ká wo páìlì. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni páìlì tí a gbẹ́, ìbú rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60. Ká sọ pé ó lọ sí mítà 15. Fífà tí ilẹ̀ fà mọ́ ara rẹ̀ lára, ní ìpíndọ́gba tọ́ọ̀nù mẹ́rin lórí mítà oníhà-mẹ́rin, fún un ní bíi 113 tọ́ọ̀nù. Ìdí rẹ̀ fi bíi 25 kún un. Àròpọ̀ 138 tọ́ọ̀nù ni òpin agbára rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣe páìlì nìkan, a ó pín 138 sí méjì àbọ̀, ó kù bíi 55, ilé 4,500 tọ́ọ̀nù yóò sì gba bíi páìlì 81. Mítà 1,215 ni ẹ̀rọ yóò gbẹ́.

Páìlì kan ṣoṣo tí a bá gbé ẹrù lé ní ilẹ̀ yìí máa ń rì ní bíi mílímítà kan fún gbogbo 20 tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá yára yóò sọ pé páìlì 81 yóò gba 1,620 tọ́ọ̀nù kí gbogbo wọn tó rì mílímítà kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Páìlì kọ̀ọ̀kan ń fa ilẹ̀ tó yí i ká wálẹ̀, ilẹ̀ tí ó fà wálẹ̀ náà ló sì gbé aládùúgbò rẹ̀ dúró. Bí ẹni méjì bá jókòó sórí ẹní kan náà, bí ọ̀kan bá yí ara, èkejì á mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, kì í ṣe iye páìlì ni a fi ń sọ líle ẹgbẹ́ wọn di púpọ̀, bí kò ṣe iye náà tí a dín kù lọ́nà yìí:

```
kp = k1 × n^0.55
```

`kp` ni líle ẹgbẹ́ páìlì, `k1` ni ti páìlì kan ṣoṣo, ìyẹn 20 tọ́ọ̀nù fún mílímítà kan, `n` sì ni iye páìlì. Nọ́ńbà 0.55 kì í ṣe ti àṣẹ. Ó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú bí páìlì ṣe jìnnà síra àti bí ilẹ̀ ṣe ń le sí i nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìṣirò àkọ́kọ́ lórí irú ilẹ̀ yìí, kò jìnnà. Páìlì 81 fún wa ní 224 tọ́ọ̀nù fún mílímítà kan. Ilé tó dúró lórí wọn yóò rì ní mílímítà 20.

Ká wá dín páìlì abẹ́ ráàfù kù sí 36. Apá tó kù ni bí ráàfù àti páìlì ṣe ń bá ara wọn ṣe, ibẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà tuntun sì ti máa ń ṣìnà jù. Wọ́n á ní ráàfù ń gba 53 tọ́ọ̀nù fún mílímítà kan (4,500 tí a pín sí 85 nìyẹn), páìlì 36 ń gba 144, nítorí náà ká ro méjèèjì pọ̀, ó di 197. Rárá o. Ilẹ̀ tí páìlì ń fà wálẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí ráàfù fẹ́ tẹ̀. Nínú mílímítà mẹ́wàá tí ilé bá rì, páìlì ti fa ilẹ̀ abẹ́ ráàfù wálẹ̀ tó mẹ́jọ kí ráàfù tó rí i tẹ̀. Méjì tó kù nìkan ni ráàfù fi ń ṣiṣẹ́ gidi. Ẹnjiníà ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Randolph ló fi èyí sínú ìṣirò kan tó rọrùn, nígbà tí ẹgbẹ́ páìlì bá tóbi:

```
Pr/Pp = 0.2 × (kr/kp) / (1 - 0.8 × kr/kp)
```

`Pr` ni ẹrù tó wà lórí ráàfù, `Pp` ni ti páìlì, `kr` sì ni líle ráàfù. Ẹ fi 53 sípò `kr`, kí ẹ sì fi 144 sípò `kp`: ráàfù gba nǹkan bíi ìpín mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré. Ẹlòmíràn á ní, ṣé torí ìpín mẹ́wàá ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ mú sùúrù.

Ní ti páìlì 36 yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ru bíi 113 tọ́ọ̀nù. Òpin agbára rẹ̀ jẹ́ 138. Ẹni tí ìwé òfin páìlì nìkan ti wọ̀ lára yóò pariwo: ìdáàbòbò ìlọ́po 1.2! Ṣùgbọ́n bí páìlì náà bá rẹ̀ ẹ́ pátápátá, kì í ṣe pé ilé yóò wó. Páìlì tó dé òpin agbára rẹ̀ nínú amọ̀ kì í ju ẹrù tó ti gbé sílẹ̀. Ó kàn ń kọ̀ láti gba àfikún ni, àfikún náà á sì lọ sórí ráàfù, èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè dá ru gbogbo ilé ní ìlọ́po mẹ́rin. Èyí ni ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ráàfù. Ẹni tó bá fo ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn kò ní ẹ̀tọ́ láti dín iye páìlì kù.

Rírì ilé náà lórí páìlì 36 jẹ́ mílímítà 31. Ká dín páìlì kù sí 25, ọ̀kan lábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, ká sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn ń gba 117 tọ́ọ̀nù fún mílímítà kan. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ráàfù ó di 120. Nígbà tí ilé bá ti wúwo dé bíi 3,940 tọ́ọ̀nù, gbogbo páìlì ti kún dé òpin 138. Títí dé ibẹ̀, ó ti rì ní mílímítà 33. Tọ́ọ̀nù 560 tó kù yóò lọ sórí ráàfù nìkan ní 53 fún mílímítà kan, ìyẹn fi bíi 10 kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 43. Ráàfù wá ru bíi ìpín 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rí i pé iṣẹ́ ráàfù kì í hàn títí páìlì yóò fi rẹ̀.

Tí ẹ bá to àwọn nọ́ńbà náà jọ, ọ̀rọ̀ owó á yé yín ju bí mo ti lè sọ ọ́ lọ. Láìsí páìlì, 85. Páìlì 25, 43. Páìlì 36, 31. Páìlì 81, 20. Páìlì 25 àkọ́kọ́ gba mílímítà 42 kúrò. Mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e gba 12. Márùn-ún-dín-láàádọ́ta tó kẹ́yìn gba 11 péré, ilé tó sì rì ní 31 kò ní yàtọ̀ lójú onílé sí èyí tó rì ní 20, bí rírì náà bá ti dọ́gba. Owó páìlì 45 yẹn ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: mítà 675 tí ẹ̀rọ kò ní gbẹ́, bíi mítà oníhà-mẹ́fà 190 kọnkéré tí a kò ní dà. Bí ẹ̀rọ kan bá ń parí páìlì mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má ka gbogbo ìyẹn sí èrè. Bí ó bá jẹ́ páìlì nìkan, orí páìlì kéékèèké ni ẹ ó dà sábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bíìmù àti ilẹ̀ ilé tó tẹ́ẹ́rẹ́. Àpapọ̀ wọn lè jẹ́ mítà oníhà-mẹ́fà 225. Ráàfù sẹ̀ǹtímítà 70 gba 280. Irin rẹ̀ náà pọ̀ sí i, bíi tọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Irin inú páìlì 45 tí a fi sílẹ̀ jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù mọ́kànlá. Nítorí náà, ti irin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ti kọnkéré dín kù ní bíi 135. Èrè gidi wà nínú gbígbẹ́ àti nínú ọjọ́. Ẹni tó bá sọ fún onílé pé owó ìpìlẹ̀ yóò dín kù sí ìlàjì, bóyá kò tíì ka ráàfù mọ́ ọn.

Kí ló dé tí mo fi mú 36, tí n kò mú 25, tó kéré jù, tí 43 rẹ̀ sì wà lábẹ́ 50? Nítorí omi. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin ló ń mu omi kànga oníhò. Bí omi abẹ́lẹ̀ bá lọ sílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, amọ̀ lè sún kì, ráàfù á sì padà bá ihò tín-ín-rín lábẹ́ rẹ̀. Ẹrù gbogbo á lọ sórí páìlì. Páìlì 36 pín 4,500 sí 125 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò tíì dé 138. Kò fẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ó dúró. Páìlì 25 pín in sí 180, gbogbo ilé á sì tún rì títí ráàfù yóò fi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Páìlì mọ́kànlá àfikún yẹn ni owó ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ náà, mo sì gbà pé kò pọ̀ jù.

Ibi tí a ó fi wọ́n sí tún ṣe pàtàkì. Ẹ fi ọ̀kan sábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, 25 nìyẹn. Mẹ́sàn-án sábẹ́ àwọn òpó àárín, kí wọ́n ní méjì-méjì, nítorí àárín ló máa ń rì jù. Méjì tó kù sábẹ́ kọ̀rọ̀ ẹ̀rọ agbéniròkè. Àṣà pípín páìlì dọ́gba káàkiri pẹpẹ, pẹ̀lú ìdí etí tó le bíi ti àárín, ń jẹ́ kí ráàfù wọnú láàárín bí àwo ọbẹ̀, irin ráàfù á sì pọ̀ sí i lásán.

Ó wá kan àpáta.

Ìṣirò wa dúró lórí pé gbogbo páìlì ń rì pẹ̀lú ilé. Ká sọ pé 35 nínú wọn wà nínú amọ̀, ìkẹrìndínlógójì kan àpáta ní mítà 11 níhà àríwá-ìlà-oòrùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ á yọ̀ pé, "Ọ̀gá, èyí ti dúró dáadáa, kò ṣeé gbẹ́ mọ́." Páìlì tó dúró lórí àpáta kò lè rì, àyàfi kí kọnkéré rẹ̀ fúnra rẹ̀ sún kì. Líle kọnkéré náà, lórí mítà 11, tó 72 tọ́ọ̀nù fún mílímítà kan. Àwọn yòókù, ní ìpín tiwọn nínú ẹgbẹ́, ń gba mẹ́rin. Nígbà tí ráàfù bá ti rì ní mílímítà márùn-ún péré, páìlì kan yẹn ti ń ti ráàfù sókè pẹ̀lú 360 tọ́ọ̀nù, ó ju ẹrù òpó méjì lọ. Bí ilé bá rì dé 31, ó ń béèrè fún ju 2,200 lọ, ìlàjì ilé nìyẹn; kọnkéré rẹ̀ á ti fọ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Kí ó tó fọ́, yóò ti gún ráàfù bí ọ̀pá agboòrùn tó gún aṣọ, tàbí kí ilé yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ráàfù onípáìlì tó dára yóò ti bàjẹ́ tìtorí páìlì tó "le jù."

Nítorí náà, ìwọ̀n ìmọ̀ nípa àpáta ló pinnu ohun gbogbo. Ihò àyẹ̀wò méjì tí àwọn kan ń gbẹ́ láàárín ilẹ̀, tí wọ́n sì ń dá dúró ní mítà mẹ́wàá, kò tó rárá. Fún ilé wa, ihò márùn-ún, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan láàárín, kí wọ́n kọjá ìdí páìlì ní mítà márùn-ún ó kéré tán, ìyẹn mítà 20. Nínú ihò, ẹ ka ìlù òòlù: òòlù kílò 63.5 tó ń já bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 76, ẹ ka iye ìgbà tó gbà láti wọ sẹ̀ǹtímítà 30 tó kẹ́yìn. Ibi tí iye náà bá fò láti 30 sí ju 100 lọ lójijì, àpáta ti sún mọ́. Kí a tó gbẹ́ ihò, àwọn tó ń fi iná mànàmáná wádìí omi kànga ní Ìlọrin lè fi ẹ̀rọ kan náà wá ibi tí àpáta ga sí láàárín àwọn igun. Owó wọn kéré sí ti ihò kan, wọn kò sì ní láti sọ pàtó bí ó ti jìn tó. A kàn fẹ́ mọ ibi tó yẹ ká fura sí.

Bí ẹ̀rọ bá ṣì kan àpáta nígbà iṣẹ́, ẹ má da kọnkéré lé e. Bóyá òkúta tó dá dúró nínú amọ̀ ni, bóyá àpáta gidi ni. Ọ̀nà kan náà ló wà. Ẹ fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a tẹ̀ dáadáa kún ihò náà, kí ẹ sún páìlì sí ẹ̀gbẹ́ ní mítà kan àbọ̀ sí méjì, kí ẹ gbẹ́ ẹ tuntun. Bí àpáta bá tún wà níbẹ̀, ẹ gé páìlì kúrú kí amọ̀ tó tó mítà méjì ṣẹ́kù sábẹ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tún ìṣirò ṣe. Bí páìlì tó tó mẹ́fà tàbí méje bá ń kan àpáta, ẹ dúró. Ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ráàfù onípáìlì.

Lóòótọ́, ibi tí àpáta bá sún mọ́ òkè, páìlì nìkan ló ń pa owó mọ́. Bí àpáta bá wà káàkiri ní mítà mẹ́sàn-án, páìlì sẹ̀ǹtímítà 60 kan náà lè gba 150 tọ́ọ̀nù lórí rẹ̀. Ọgbọ̀n péré yóò ru ilé náà, mítà 270 ni gbogbo gbígbẹ́. Ìlàjì ti páìlì 36 wa nìyẹn. Kò sí ọgbọ́n ráàfù tó lè borí ìyẹn. Ní Òffà tàbí Òmù-Àrán, tí àpáta tún yọ síta níbi púpọ̀, èyí ni mo máa kọ́kọ́ wádìí kí n tó la ẹnu sọ ráàfù.

Iṣẹ́ gidi ní ojú ilẹ̀ ní àwọn ìṣòro tirẹ̀. Nínú páìlì nìkan, ẹ máa ń dán páìlì wò dé ìlọ́po kan àbọ̀ ẹrù tó fẹ́ rù, ẹ ó sì dúró. Níbi tí a ti fẹ́ lò ó dé ìpín 82 nínú ọgọ́rùn-ún òpin agbára rẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ òpin náà gan-an: ẹ gbẹ́ páìlì kan sọ́tọ̀ tí kò ní sí nínú ilé, kí ẹ to búlọ́ọ̀kù kọnkéré lé e títí yóò fi yẹ̀. Bí ó bá yẹ̀ ní 110 dípò 138, ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Òjò tún wà. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ihò tí a gbẹ́ lónìí tí a kò da kọnkéré sí títí di ọ̀la ti ń rọ̀ lára. Fífà ara rẹ̀ dín kù, òun sì ni a gbára lé jù. Ẹ gbẹ́ ẹ kí ẹ sì dà á lọ́jọ́ kan náà. Ilẹ̀ abẹ́ ráàfù náà bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá ti gbẹ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ da kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ lé yangí tí kò tíì bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti rí àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ tó nípọn dí abẹ́ ráàfù kí orí rẹ̀ lè tẹ́. Ìyẹn ni ká fi ọwọ́ ara ẹni gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ráàfù, ká sì tún sanwó rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ráàfù bá gan, ẹ kan ìṣó irin mọ́ òpó mẹ́sàn-án, kí ẹ máa fi ẹ̀rọ ìwòtẹ́ ka gíga wọn nígbà tí àjà kọ̀ọ̀kan bá parí, láti ibi kan tó jìnnà sí ilé tó ọgbọ̀n mítà. Ní ìlàjì ẹrù, a ń retí bíi 15 mílímítà. Bí gbogbo wọn bá ka 25, páìlì kò fà mọ́ ilẹ̀ bí a ti rò. Ẹ lè ṣì dúró láti dín àjà kù. Bí mẹ́jọ bá ka 14 sí 16, tí ìkẹsàn-án níhà àríwá-ìlà-oòrùn sì ka 3, ẹ má gbé àjà míì lé e, torí páìlì kan ti fẹsẹ̀ kan òkúta níbẹ̀.